Tíì àbí kọfí: ìdáhùn mi nínú ìdánwò gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì di àṣìṣe

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń fi ohùn orí fóònù múra ìdánwò gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan sọ gbólóhùn yìí, wọ́n ní kí n yan ìdáhùn tó bá a mu jù:

```
Would you like tea or coffee?
A. Coffee, please.
B. Yes, please.
C. At four o'clock.
```

Mo mú A. Wọ́n ní B ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí tíì àbí kọfí?

Bọ̀dá Sábó

Àbúrò, àwọn tó kọ ìdáhùn náà ló ṣì í. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé kò ju ọ̀kan lọ: ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn á gòkè ní ìparí, gbólóhùn lásán, ohùn á wálẹ̀. Ìbéèrè ni tìrẹ yìí, ohùn gbọ́dọ̀ gòkè, kò sí nǹkan tó fara pamọ́ síbẹ̀. A ni ìdáhùn. Fi wọ́n sílẹ̀, kọjá sí èyí tó kàn.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Ọmọ mi, má tíì kọjá. Padà lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí o sì sọ ohun kan péré fún mi: nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ṣé ohùn obìnrin yẹn ń sọ̀ kalẹ̀ ni, àbí ó ń gòkè?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé gbólóhùn yẹn, ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Èyí tí àwa mọ̀ jù ni kí ohùn gòkè lórí tíì, kó wá sọ̀ lórí kọfí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé méjì náà ló wà nílẹ̀, kò sí ìkẹta, mú ọ̀kan. Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí èyí kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ṣùgbọ́n tí ohùn bá gòkè lórí tíì, tó tún gòkè lórí kọfí, obìnrin yẹn kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé ṣé ìwọ fẹ́ nǹkan mu, irú tíì, irú kọfí, tàbí nǹkan mìíràn tó fara jọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun" bá èyí mu dáadáa.

```
tea ↗ or coffee? ↘   (mú ọ̀kan)
tea ↗ or coffee? ↗   (ṣé o fẹ́ nǹkan mu?)
```

Bọ̀dá Sábó, ẹ má bínú sí mi, òfin tí ẹ sọ yẹn, ìdajì rẹ̀ ló dúró. Àwọn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tó ń béèrè ibo, ta ni, ìgbà wo, kí ló dé, ohùn ń wálẹ̀ ní ìparí wọn bíi ti gbólóhùn lásán ni. Èyí tó máa ń gòkè ni èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn.

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kí n sọ òótọ́, bí kọfí ṣe máa ń dún náà ló dún létí mi. Kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀ níbẹ̀.

Bàbá Àrádà

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yìí dùn mọ́ mi nínú, nítorí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í fi sí orí ọ̀rọ̀ mọ́. Tíì: ohùn òkè, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀. Kọfí: ohùn àárín, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Àmì wọn nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì wa fi àmì sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ, ìdánwò á dẹrùn.

Bọ̀dá Sábó

Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ o, kì í ṣe Yorùbá.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá lóhùn, nítorí wọ́n ti la ọ̀nà tí èmi kò rí. Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì: tíṣà, dókítà, pépà, fóònù, báàgì, bẹ́ẹ̀dì, kóòtù. Òkè níbi tí Òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ní ìparí. Ibo la ti rí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn? Tí Òyìnbó bá dá ọ̀rọ̀ kan pè, tí ẹ ní "kí ni èyí?" tó sì dáhùn pé báàgì ni, ohùn rẹ̀ á jábọ́ ní ìparí, nítorí ó ti parí ohun tó ń sọ. Tirẹ̀, ohùn ìparí gbólóhùn ni. Àwa gbọ́ ọ, a sì ṣe é bí àwa ṣe ń ṣe gbogbo ohùn: a so ó mọ́ ara ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, báàgì kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu wa. Ìbáà jẹ́ ìbéèrè, ìbáà jẹ́ àṣẹ, ó ń sọ̀ ní ìparí. "Ṣé báàgì ni?" Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín: ó ṣì ń sọ̀. Ṣé ló ń ṣiṣẹ́ ìbéèrè, ohùn kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Òyìnbó kò so ohùn mọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ó lè gbé e gòkè lónìí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́la, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Ohun tó ń yí ni ohun tó fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ṣe.

Wàyí o, kọfí. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá àwọn yòókù lọ. Bí Bàbá ṣe sọ, àárín sí òkè ni. Ọmọ mi, ohun tí mo fura sí nìyí: obìnrin inú fóònù gbé "coffee" láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Etí rẹ gbọ́ ọ, ó sì bá kọfí ti Yorùbá mu rẹ́gí, etí bá ní kò sí nǹkan tuntun. Tó bá jẹ́ pé báàgì tàbí pépà ló wà ní ìparí gbólóhùn yẹn, ì bá ti ta ọ́ létí pé ohùn yìí yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Háà! Àǹtí! Mo tún un gbọ́ báyìí. Ó ń gòkè lóòótọ́. "Tea" pàápàá, ó gbé e sókè, kò sọ̀ bíi tíì tiwa. Mo gbọ́ ti tíì kíá, ṣùgbọ́n ti kọfí ni mo ní láti wá.

Ọmọ Ọ́ńdà-Jì

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Praat, ó máa ń ya ohùn bí ìlà. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo sọ gbólóhùn yẹn lọ́nà méjèèjì, mo sì wò ó. Nígbà tí ohùn sọ̀, ìlà wà lókè lórí sílébù àkọ́kọ́ "coffee", ó wá wà nílẹ̀ lórí èkejì. Nígbà tó gòkè, òdì kejì rẹ̀ ni. Àárín wọn ṣófo, nítorí "f" kò ní ohùn nínú. Ọ̀fun kì í gbọ̀n tí a bá ń pè é, ìlà á sì já. Kò sí aburú níbẹ̀, ẹ kàn wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ohun kan yà mí lẹ́nu o. Mo rò pé mo ti gbé "tea" gòkè dáadáa. Nígbà tí mo wo ìlà, sísọ̀ ló ń sọ̀. Tíì ni mo ń pè ní gbogbo ìgbà.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà, kó fi imú kùn ún. Èyí ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe: gbọ́ gbólóhùn náà, pa ẹnu dé, kí o sì kùn ún padà láì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ á bọ́ kúrò, ohùn nìkan ló máa kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá sí mọ́, etí Yorùbá kò ní rí ibi tó máa so ohùn mọ́, á wá gbọ́ ọ bó ṣe wà. Láti ibi sílébù tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ pàtàkì tó gbẹ̀yìn ni kí o ti fetí sí i títí dé òpin. Ibi tó kù ṣíwájú lè gòkè lè sọ̀, kì í sábà jẹ́ òun ni wọ́n ń bi ọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá ka àwọn ìdáhùn. Tí o bá kọ́kọ́ kà wọ́n, ìdáhùn tó ní ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ nínú á fà ọ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nìyẹn: o gbọ́ "coffee", o rí "coffee" nínú A, o mú un. Ẹni tó gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ mọ̀ pé èèyàn á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí gbá mi láyà. Mo ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fóònù pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan lókè òkun lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí, ó wá sọ pé:

```
You have your own car ↗
```

Mo rò pé ó ń sọ ohun tó rí nínú ìwé mi ni. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. A dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí, mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní "o ṣì wà níbẹ̀?" Ọdún mélòó kan rèé, òní ni mo mọ̀ pé ìbéèrè ló bi mí. Kò sí ṣé, kò sí ǹjẹ́, kò sí ohun tó jọ ìbéèrè nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ìbéèrè ni lóòótọ́. Gbólóhùn lásán tí wọ́n gbé ìparí rẹ̀ gòkè ni, irú rẹ̀ sì wọ́pọ̀ nínú ìdánwò gbígbọ́. Tí ẹ bá rí i pé àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀ ní "ó ń sọ fún un pé…" àti "ó fẹ́ mọ̀ bóyá…" nínú, ẹ ti mọ̀ pé orí ohùn ìparí ni ìbéèrè náà dúró lé.

Bàbá Àrádà

Ẹ dúró ná. Àwa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ mi bá wọlé, mo lè ní "O ti jẹun?" láì fi ṣé síwájú, yóò sì mọ̀ pé mo ń béèrè. Ẹ má sọ pé Yorùbá kò ní i.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é: gbogbo gbólóhùn náà lẹ gbé sókè díẹ̀, àárín ṣì jẹ́ àárín nínú rẹ̀. Ẹ kò lè mú sílébù ìparí nìkan kí ẹ tì í sókè bí Òyìnbó ṣe ń ṣe. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú "ó lọ". Tí ẹ bá ti "lọ" yẹn sókè gidi, "ó lọ́" lẹ sọ, ẹni tó ń gbọ́ á máa wá ohun tó wọ́. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ní ṣé àti ǹjẹ́. Bí ẹ bá ní àpẹẹrẹ mìíràn tó tako èyí, mo fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí mi ò tíì rò ó dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Àǹtí, èyí tún wà. Nínú ohùn ìgbaradì orí fóònù kan náà, ọkùnrin kan ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn, wọ́n wá béèrè pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń ṣí. Mo kọ mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́ta kọ́, pé a kò lè mọ̀.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Kùn ún fún mi ná. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Ó gòkè, Àǹtí. Gbogbo wọn ló gòkè. Lẹ́yìn náà ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

O ti dáhùn ara rẹ.

```
Monday ↗, Tuesday ↗, Friday ↘   (ó parí)
Monday ↗, Tuesday ↗, Friday ↗   (ó kù)
```

Tí Òyìnbó bá ń ka nǹkan, yóò máa gbé ohùn gòkè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ pé "mo ṣì ń bọ̀". Èyí tó gbẹ̀yìn ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí ohùn kò bá tíì sọ̀, ohun tí ó ń kà kò tíì tán. Tíì àti kọfí tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀ràn kan náà ni: nǹkan méjì tí wọ́n kà, tí wọ́n pa á dé tàbí tí wọn kò pa á dé.

Ẹni tó bá ń fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, ńṣe ló máa ń ka iye ọ̀rọ̀. Àwa, tí nǹkan bá kù, a máa ń fi ẹnu sọ ọ́: "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ", "ó tún kù o".

Bọ̀dá Sábó

Àǹtí, mo ti gbọ́ ti ibo àti ta ni, mo dúpẹ́. Àmọ́ kí ló dé tí a kò fi bá gbogbo èyí pàdé nínú Wáẹ̀kì? Ohun tí mo rántí ni gbólóhùn tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tí a wá ń yan ìbéèrè tó bá a mu. Ṣé òun náà kọ́ nìyí?

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Kì í ṣe òun. Ìyẹn ń béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹnu mọ́, kì í ṣe bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀. Ní Nàìjíríà níbí, ìbéèrè tí a ń fi ojú kà ni apá ọ̀rọ̀ ẹnu ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Wáẹ̀kì, 60 ni wọ́n. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọ lè gba gbogbo rẹ̀ láì tíì gbọ́ gbólóhùn kan tí wọ́n sọ sí i létí. Ó dùn mí, nítorí àwọn ọmọ tí mo kọ́ mọ òfin náà lórí, ṣùgbọ́n wọn kò dá ohùn náà mọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọmọ Ọ́ńdà-Jì

Àǹtí, mo ní iyè méjì kan. Mo máa ń gbọ́ àwọn ará Australia lórí ẹ̀rọ, gbólóhùn lásán ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ ó ń gòkè ní ìparí. Ṣé gbogbo wọn ń béèrè ni? Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS sì máa ń fi ohùn wọn sí i.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

O káre. Wọn kò béèrè. Àwọn kan ní Australia àti New Zealand, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, máa ń gbé ìparí gbólóhùn gòkè láti rí i dájú pé ò ń tẹ̀lé wọn. Ní Belfast, ní ìhà àríwá Ireland, bí wọ́n ṣe ń sọ gbólóhùn lásán nìyẹn látilẹ̀wá. Nítorí náà, má fi gbólóhùn kan ṣèdájọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ bá ń gòkè, gígòkè rẹ̀ kò sọ nǹkan fún ọ. Ohun tó tẹ̀lé e ni kí o wò, bóyá ó dúró de ìdáhùn tàbí ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó bá Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ dúró.

Ìyá Ìbejì

Ó dúró o. Ó dúró gan-an ni.

Bọ̀dá Sábó

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù nínú mi. Mo gbà pé ohùn gòkè. Síbẹ̀, tí Òyìnbó bá gbé ohùn gòkè bẹ́ẹ̀, tí mo sì ní "kọfí, ẹ jọ̀ọ́", ṣé yóò bínú ni? Yóò gbé kọfí wá. Kí ló wá dé tí A fi jẹ́ àṣìṣe?

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Lórí èyí, Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú ilé èèyàn, A dára púpọ̀. Ó kàn fo ìgbésẹ̀ kan ni. Tí ohùn bá sọ̀ lórí kọfí, B kò ṣeé gbà rárá. Tí ó bá gòkè, B tọ̀nà, A náà sì ṣeé gbà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe ìbéèrè yẹn, mi ò ní fi A àti B sí ojú kan náà. Ẹni tó ṣe é fẹ́ mọ̀ bóyá o gbọ́ ohùn, ó sì gbàgbé pé ẹni tó gbọ́ ohùn dáadáa náà lè fẹ́ kọfí. "Èyí tó bá a mu jù" ni wọ́n ń fi gba ara wọn sílẹ̀.

Bàbá Àrádà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń kùn láti ìgbà tí Àǹtí ti sọ ọ́, ìyàwó mi ní kí ló ń ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fi kíkùn tí Àǹtí sọ ṣe mẹ́wàá lálẹ́ àná, mo rí mẹ́jọ gbà. Méjì tí mo pàdánù, irú kan náà ni wọ́n:

```
You're from Ogbomoso, aren't you? ↘
You're from Ogbomoso, aren't you? ↗
```

Mo gbọ́ pé àkọ́kọ́ sọ̀, mo sì gbọ́ pé èkejì gòkè, ìyẹn kò ṣòro mọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí n fi í ṣe.

Àǹtí Olùkọ́ Òkè-Ẹlẹ́rin

Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́, ó kàn fẹ́ kí o bá òun gbà á ni, bíi "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" tiwa. Ẹni kejì kò dá a lójú, ó ń bi ọ́ ní tòótọ́, o sì lè sọ pé rárá, Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. Wá èyí tó ní "ó dá a lójú" àti èyí tó ní "kò dá a lójú" nínú àwọn ìdáhùn.

Nọ́ọ̀sì Tákìé

Mo ti rí i. Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ̀ ọ́, tó wá gbé e gòkè padà lórí sílébù kan ṣoṣo, lórí ọ̀rọ̀ "nice". Màá fi ohùn rẹ̀ síbí lálẹ́, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́.